Ìwé ìbúra tí ìyá fẹ́ fi gba béèlì ọmọ rẹ̀: ẹ bá wa wò ó kó tó dé kóòtù

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23, wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi, n'Ìbàdàn, báyìí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ka ọjà, fóònù mẹ́fà dàwátì, ọ̀gá rẹ̀ sì ní àbúrò mi àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kó o. Ẹ̀sùn méjì ni ọlọ́pàá kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ní kóòtù Májísíréètì: pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, àti pé wọ́n jalè. Lọ́yà wa fẹnu tọrọ béèlì lọ́jọ́ náà, májísíréètì ní kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé wá, ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ náà lọ sí Àgodi.

Lọ́yà ní mọ́mì ni kí wọ́n búra sí àfídáfíìtì tó máa tẹ̀ lé ìwé béèlì. Ó ní kí n kọ ohun tí mọ́mì bá sọ sílẹ̀ ní Yorùbá, òun á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Èlùbọ́ ni mọ́mì ń tà ní Bódìjà, wọn ò kàwé. Ohun tí wọ́n sọ nìyí:

1. Èmi ni ìyá ọmọ yìí. Opó ni mí.
2. Ọmọ mi ò jí nǹkan kan. Mo kọ́ ọ dáadáa.
3. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń purọ́ mọ́ ọn torí pé ó jẹ ẹ́ lówó oṣù.
4. Ọmọkùnrin kejì yẹn ló mọ ibi tí fóònù wà.
5. Ara ọmọ mi ò le, ó ní àsímà.
6. A ṣe tán láti san owó fóònù náà díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.
7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú opó, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run.

Ṣé ó ti tó? Àbí kí n fi nǹkan kún un?

ÌyáÌbejì_Peckham

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á yọ ọ́. Lójú tèmi, ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ kéré jù. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́tà ni ìyá rẹ̀ kọ sí adájọ́, ó sọ bí ọmọ ṣe máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ náà kọ tiẹ̀, tíṣà rẹ̀ kọ tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́mì sọ bí wọ́n ṣe jìyà lórí ọmọ náà. Ẹni tó jẹ́ ìyá á mọ̀ ọ́n lára.

Alàgbà_Ṣàgámù

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ. Májísíréètì ò lágbára láti fúnni ní béèlì. Ọmọ àbúrò mi ni mo fojú ara mi rí, májísíréètì sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, ó dìgbà tí a dé Kóòtù Gíga. Ẹ má fi owó ṣòfò níbẹ̀ yẹn.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Alàgbà, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni wọ́n fi kan ọmọ àbúrò yín?

Alàgbà_Ṣàgámù

Wọ́n ní ó bá wọn lọ gba mọ́tò lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìbọn wà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Ìyàtọ̀ rẹ̀ nìyẹn, sà. Ìdigunjalè lẹ ń sọ. Ẹ̀sùn tó lè mú ikú dání ni, májísíréètì ò sì lè dá sí i. Olè jíjà inú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò nílẹ̀ wa fi ọdún mẹ́ta sí olè jíjà lásán, ó sì di méje tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló jí ohun ọ̀gá rẹ̀. Májísíréètì lè fún un ní béèlì dáadáa. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ wá kò túmọ̀ sí pé ó ti kọ̀.

Ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ_Bódìjà, má bínú sí mi o, ìwé tí ẹ kọ yẹn lè pa ọmọ náà lára. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó léwu jù, nọ́ńbà 6.

«Kò sì ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.» Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ létí agbẹjọ́rò ìjọba? Pé ó ṣe é nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ló búra pé ó ṣe é, nínú ìwé tí lọ́yà rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi síwájú kóòtù. Nọ́ńbà 2 sì ti kọ́kọ́ sọ pé kò jí nǹkan kan. Agbẹjọ́rò ìjọba ò ní í ṣe wàhálà kankan, á kàn dìde, á ka nọ́ńbà 2, á ka nọ́ńbà 6, á jókòó. Ọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ san owó náà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Tí ẹ bá fẹ́ bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀, kí lọ́yà lọ bá a lọ́tọ̀.

Nọ́ńbà 7 wá. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 115, sọ ọ́ gbangba: ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló ń wọ inú àfídáfíìtì. Kò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba àríyànjiyàn òfin, kò gba ìdájọ́ tí ẹni tó ń búra ti dá fúnra rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ní àyè tiẹ̀ nínú ìwé béèlì gan-an, lọ́yà ló máa kọ ọ́ síbẹ̀. Àríyànjiyàn òfin náà, lọ́yà á kọ ọ́ sínú àlàyé tó máa tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu mọ́mì, agbẹjọ́rò ìjọba lè ní kí kóòtù pa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n pa rẹ́ títí tí kò fi ku nǹkan kan ju orúkọ àti àdírẹ́sì lọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú mà. Ohun tí ẹ sọ dára ní ìlú ọba, níbi tí ìyá ti ń kọ lẹ́tà. Ìwé ìbúra ni tibí, ìyá ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n lè pè é wá kí wọ́n bi í léèrè ohun tó kọ.

ÌyáÌbejì_Peckham

Ah. Mo gbọ́, sà. Ṣé wọn ò wá ní sọ pé ọmọ dáadáa ni?

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Wọ́n á sọ ọ́, mà, ṣùgbọ́n lọ́nà tó ṣeé dì mú. «Ọmọlúàbí ni ọmọ mi» jẹ́ èrò ìyá, gbogbo ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. «Láti ìgbà tí mo ti bí i, ọlọ́pàá ò mú un rí, wọn ò sì gbé e dé kóòtù kankan rí» jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀. Tí irọ́ bá ni, ọlọ́pàá á mú ìwé wá.

Ẹ jẹ́ ká dé nọ́ńbà 2, 3 àti 4, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣubú. Ọmọ_Bódìjà, ṣé mọ́mì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí fóònù sọnù?

Ọmọ_Bódìjà

Rárá o, sà. Wọn ò dé ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Àbúrò mi ló sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n lọ wò ó.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Ó dáa. Nígbà náà wọn ò lè búra pé «ọmọ mi ò jí nǹkan kan» bí ẹni pé wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọmọ sọ fún wọn. Abala 115 yẹn náà gbà kí ènìyàn búra sí ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ní kí o dárúkọ ẹni tó sọ ọ́, ìgbà tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wáyé, kí o sì sọ pé o gbà á gbọ́. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

«Ọmọ mi tó jẹ́ olùjẹ́jọ́ kìíní sọ fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14 oṣù yìí, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí mo lọ wò ó ní ọgbà Àgodi, mo sì gbà á gbọ́, pé òun kò mú fóònù kankan ní ṣọ́ọ̀bù náà, àti pé òun nìkan kọ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.»

Kó mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé olè níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Májísíréètì ò tíì fẹ́ mọ ẹni tó kó fóònù. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé tí òun bá ní kí ọmọ yìí máa lọ sílé, ṣé ó máa padà wá.

Nọ́ńbà 3, ẹ yọ ọ́. Ọ̀gá yẹn lè jẹ ẹ́ lówó oṣù lóòótọ́, ìyẹn á wúlò nígbà tí ẹjọ́ gan-an bá bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé béèlì, á kàn mú ọ̀gá náà bínú tá á fi ní kí ọlọ́pàá dìde ta ko béèlì. Nọ́ńbà 4 burú ju ìyẹn lọ. Ẹ ti ń fi ìwé ìyá ka ẹ̀sùn sí ọmọ ẹlòmíràn lọ́rùn, ìyá tiẹ̀ náà á sì kọ tirẹ̀ padà pé ọmọ yín ni. Kí ló kù fún agbẹjọ́rò ìjọba láti ṣe?

Mo wá ní ìbéèrè. Báwo ni ọlọ́pàá ṣe rí ọmọ náà mú? Níbo ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ tó níbẹ̀? Kí ló wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá báyìí?

Ọmọ_Bódìjà

Wọn ò mú un, sà. Wọ́n pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́ pé kó wá sí tésàn. Mọ́mì fúnra wọn ló mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó jẹun kó tó jáde. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àǹkú mi. Ó ń lọ fi ara hàn wọ́n títí, kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Ọjọ́ tó lọ bó ṣe máa ń lọ ni wọ́n ní kó wọ mọ́tò, kóòtù yá. Ilé bàbá wa ní Yemẹtù ló ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọlọ́pàá ti gba ìwé tí wọ́n fi ń ka ọjà àti kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wá yẹ yàrá rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Mi ò rò pé ìyẹn ṣe pàtàkì ni mi ò ṣe kọ ọ́.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Ọmọ yìí! Ohun tó yẹ kó wà níwájú lo fi pamọ́ sẹ́yìn.

Ọmọ tí wọ́n fóònù pè, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Ọmọ tí ọlọ́pàá ti fún ní béèlì tẹ́lẹ̀, tó sì ń padà wá lójoojúmọ́ tí wọ́n dá fún un. Kí tún ni ènìyàn ń wá? Mọ́mì sì fojú ara wọn rí i, àwọn ló mú un lọ, kò sí pé ẹnì kan ló sọ fún wọn. Ìlà mẹ́ta péré lórí èyí lágbára ju ojú ewé mẹ́wàá ẹkún lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ tésàn náà, ọjọ́ tí wọ́n lọ, àti orúkọ àǹkú tó gba béèlì ọlọ́pàá. Tí ìwé béèlì ọlọ́pàá bá wà lọ́wọ́ àǹkú, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ so ó mọ́ àfídáfíìtì.

Lọ́yà_Kékeré

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, abala 162, ló to ohun tó lè mú kóòtù kọ béèlì fún irú ẹ̀sùn tó ju ọdún mẹ́ta lọ: bí ìdí bá wà láti gbà gbọ́ pé ó máa tún ṣẹ̀, pé ó máa sá, pé ó máa dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, pé ó máa ba ẹ̀rí jẹ́, pé ó máa dí ìwádìí lọ́wọ́, àti irú bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ní tiwọn tó jọ ọ́. Ohun tí a máa ń ṣe ní ọ́fíìsì wa ni pé a á to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: «olùjẹ́jọ́ kò ní sá, kò ní dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, kò ní ba ẹ̀rí jẹ́.» Tí agbẹjọ́rò ìjọba ò bá kọ àfídáfíìtì láti ta kò ó, ohun tí a kọ dúró bí òtítọ́ nìyẹn. Kò le tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn, sà.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Òótọ́ ni o sọ lórí pé ohun tí wọn ò bá ta kò dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dúró ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Èwo ló ṣẹlẹ̀ nínú «kò ní sá»? Ọjọ́ iwájú ni, tí ìyá ò sì lè búra sí i fún géńdé ọmọ ọdún 23. Mo mọ̀ pé gbogbo ọ́fíìsì ló ń dà á kọ bẹ́ẹ̀. Àwọn májísíréètì náà mọ̀, wọn kì í tún kà á mọ́.

Ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní sá: ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò ní ìwé ìrìnnà òkè òkun (tí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́), ó sì ń lọ fi ara hàn ní tésàn. Kò ní ba ẹ̀rí jẹ́: ìwé ọjà àti kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ti yẹ yàrá rẹ̀ wò lójú ìyá rẹ̀. Kò ní dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí: kò dé ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é, tí mọ́mì bá lè sọ bẹ́ẹ̀ láìpurọ́.

Lọ́yà_Kékeré

Mo gbà fún yín níbẹ̀, sà. Síbẹ̀ mi ò ní yọ ìlà «kò ní sá» kúrò. Májísíréètì mìíràn wà tó jẹ́ pé tí kò bá rí i, á ní o ò sọ ọ́. Mo máa kọ ọ́ pé ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa wá ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá, kí n tó fi ohun tí ẹ sọ tẹ̀ lé e.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Bẹ́ẹ̀ náà dára. Ohun tí ọmọ sọ ṣeé búra sí.

Ọmọ_Bódìjà

Ti àsímà ńkọ́? Òótọ́ ni o, láti kékeré ló ti ń lo èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu.

Lọ́yà_Kékeré

Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé e. Ní ọdún 2002, Kóòtù Tó Ga Jù sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Abacha àti Ìjọba pé àìsàn nìkan kì í ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn náà ju agbára àwọn dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ. Nítorí náà, ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ṣe kókó. Ọ̀rọ̀ ìyá lásán ò tó.

Alàgbà_Ṣàgámù

Nǹkan kan tún wà o. Mo rí i pé ìyá ni gbogbo nǹkan dá lé. Obìnrin ò lè ṣe oníduro ní kóòtù. Ẹ wá ọkùnrin tó ní ilé.

Lọ́yà_Kékeré

Alàgbà, ìyẹn ti kọjá, sà. Abala 167 nínú òfin 2015 yẹn sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ènìyàn ní oníduro kìkì nítorí pé obìnrin ni. Mọ́mì lè dúró. Bóyá kóòtù máa fẹ́ ìyá ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn kan máa ń ní kí oníduro jẹ́ ìbátan, àwọn mìíràn ní kó ní ilé tàbí kó fi ìwé owó orí hàn. Ọwọ́ májísíréètì ló wà.

Alàgbà_Ṣàgámù

Mo gbọ́. Ní tésàn ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nígbà náà, wọ́n ní kí ìyàwó mi padà sílé.

Bísí_Alákàrà

Ẹ jọ̀ọ́, kí n béèrè. Tí wọ́n bá ní béèlì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún, ṣé owó yẹn la máa kó wá? Ẹnì kan lẹ́nu géètì kóòtù sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó kó ìdajì wá, òun á bá a wá oníduro.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Ẹ sá fún ẹni yẹn. Tí kóòtù bá sọ pé ₦500,000 pẹ̀lú oníduro méjì, oníduro máa ń fọwọ́ sí ìwé pé òun á san án tí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ. Wọn kì í kó owó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà àfi tí kóòtù bá dìídì sọ pé kí wọ́n fi owó sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọmọ rẹ̀ rí, tó ń gba owó láti dúró fún un, àdírẹ́sì irọ́ ló máa kọ. Wọ́n á lọ wo ilé náà, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọmọ á sì tún pẹ́ sí i lẹ́wọ̀n.

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an. Mo padà jókòó ti mọ́mì lálẹ́ àná. Èyí ni a ṣe, mo fi orúkọ pamọ́:

1. Èmi ni (orúkọ), oníṣòwò èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, mo ń gbé ní (nọ́ńbà ilé), Yemẹtù, Ìbàdàn.
2. Èmi ni mo bí olùjẹ́jọ́ kìíní. Ọmọ ọdún 23 ni. Ilé bàbá rẹ̀ ní Yemẹtù la jọ ń gbé láti ìgbà tí mo ti bí i.
3. Ní ìrọ̀lẹ́ (ọjọ́), mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá láti tésàn (orúkọ) pè é lórí fóònù pé kó wá. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.
4. Ọlọ́pàá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi (orúkọ). Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, mo ń rí i tó ń jáde lọ sí tésàn ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.
5. Ọlọ́pàá wá yẹ yàrá rẹ̀ wò lójú mi. Wọn ò mú nǹkan kan jáde níbẹ̀.
6. (Ohun tí ọmọ sọ fún mi ní Àgodi, bí bàbá ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú pé ó máa wá ní gbogbo ọjọ́ ẹjọ́.)
7. Ọlọ́pàá ò mú un rí, wọn ò sì gbé e lọ sí kóòtù rí kí èyí tó ṣẹlẹ̀.
8. Láti kékeré ló ti ní àsímà. Ìwé ilé ìwòsàn wà níbí.
9. Àbúrò ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ní ilé ní Òkè-Àdó ti ṣe tán láti dúró fún un.

Mọ́mì bínú díẹ̀ pé mo yọ Ọlọ́run kúrò nínú rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Peckham

Sọ fún wọn pé Ọlọ́run wà nínú ìbúra fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Ó mọ́ lẹ́nu. Nọ́ńbà 4 ni mo fẹ́ràn jù: «mo ń rí i tó ń jáde lọ.» Wọn ò sọ pé àwọn rí i ní tésàn. Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, kí àǹkú búra sí tiẹ̀ tí lọ́yà bá fẹ́. Nọ́ńbà 9, ó sàn kí mọ́mì sọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti gbà: «wọ́n sọ fún mi nílé mi ní ọjọ́ báyìí.»

Ó ku ọjọ́ ìbúra. Àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí mọ́mì kíyè sí. Ìkínní, iwájú kọmíṣọ́nà tó ń gba ìbúra, ní ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, ni kí wọ́n ti tẹ ìka sí i. Kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kí akọ̀wé lọ́yà wá gbé e lọ gba òǹtẹ̀. Òfin Ẹ̀rí kọ̀ ọ́ ní abala 112, kì í gba àfídáfíìtì tí a búra sí níwájú lọ́yà ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe fún tàbí akọ̀wé rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ṣe é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí agbẹjọ́rò ìjọba bá bi mọ́mì pé níbo lẹ ti tẹ ìka, òótọ́ ni wọ́n máa sọ, ìwé náà á sì di wàhálà.

Èkejì, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí lọ́yà máa tẹ̀. Mọ́mì ò gbọ́ ọ. Nísàlẹ̀, níbi tí òǹtẹ̀ máa ń wà, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pé ẹni tó búra kò mọ̀wé, pé a ka ìwé náà fún un tí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, pé ó hàn pé ó yé e kó tó tẹ ìka, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Abala 119 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà kékeré yìí ni lọ́yà máa ń gbàgbé jù, torí pé wọ́n máa ń gbé ìwé àwọn tó kàwé lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún mọ́mì lóòótọ́ o. Tí wọ́n bá gbọ́ nǹkan tí wọn ò sọ, kí wọ́n ní kí wọ́n dúró. Tí wọ́n bá fi bírò tún nǹkan kọ níbẹ̀, kí kọmíṣọ́nà náà fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ_Bódìjà

Ṣé èmi lè túmọ̀ rẹ̀ fún wọn?

Lọ́yà_Kékeré

Mi ò rí ibi tí òfin ti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ kóòtù. Ọmọ ìyá olùjẹ́jọ́ ni ẹ́, wọ́n lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Láyé tiwa, akọ̀wé tó bá wà lórí ìjókòó ló ń túmọ̀ rẹ̀. Mi ò rò pé ọmọ ẹni jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bi lọ́yà yín.

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ̀yin àgbà, mo tún ti dé. Mọ́mì ti búra, òṣìṣẹ́ kóòtù ló túmọ̀ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ti wá fi àfídáfíìtì tiwọn ta kò ó. Wọ́n ní àbúrò mi ò ní ibi kan pàtó tó ń gbé, pé ìwádìí ò tíì parí, pé tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ á lọ kó fóònù tó kù pamọ́. Ara mọ́mì ò lélẹ̀ mọ́. Ọ̀la ni ẹjọ́.

Lọ́yà_Kékeré

Ta ló búra sí i? Ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí gan-an, àbí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì wọn?

Ọmọ_Bódìjà

Kọ́nsítébù kan ni. A ò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí ló sọ fún òun.

Lọ́yà_Kékeré

Ṣé ó dárúkọ ọlọ́pàá náà? Ṣé ó sọ ọjọ́ tó sọ fún un àti ibi tó ti sọ ọ́?

Ọmọ_Bódìjà

Mo tún un kà. «Ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí» nìkan ló kọ. Kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́.

Akọ̀wé_Tó_Fẹ̀yìntì

Abala 115 kan náà mú àwọn náà. Kí lọ́yà gbé ìyẹn dìde lọ́la. Kó má sì dúró lé e nìkan, torí pé kóòtù lè gbójú fo àbùkù bẹ́ẹ̀. Kí mọ́mì tètè lọ láàárọ̀, ọ́fíìsì akọ̀wé máa ń ṣí kí májísíréètì tó jókòó. Kí wọ́n búra sí àfídáfíìtì kejì, ìlà méjì tó: pé ilé nọ́ńbà báyìí ní Yemẹtù ni ọmọ ń gbé, ìwé iná tó wà lórúkọ bàbá rẹ̀ nìyí, àti pé ilé yẹn gan-an ni ọlọ́pàá wá yẹ̀ wò lójú wọn. Ẹni tí kò ní ibùgbé, yàrá ta ni wọ́n wá tú?

Lọ́yà_Kékeré

Kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́ kí wọ́n tó pe ẹjọ́, kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ní òun ò rí i, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú.

Ọmọ_Bódìjà

Mo ti rí ìwé iná. Ti oṣù kẹta sẹ́yìn ni, orúkọ bàbá wa ló wà lórí rẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí lọ́yà báyìí.